Bí a ṣe ń gbé àwàdà inú káàtúùnù àti míìmù lọ sí Lárúbáwá

Àwòrán mẹ́ta ni. Ọmọkùnrin kan tó ń ya káàtúùnù ní Kàbà ló fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù, pé kí n bá òun yí ọ̀rọ̀ inú wọn sí Lárúbáwá. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń kàwé ní Káírò, ó sì fẹ́ kí àwọn ará ibẹ̀ náà rí iṣẹ́ ọwọ́ òun. Nínú àwòrán kìn-ín-ní, bọ́ọ̀sì Lọ́kọ́jà wà ní gáréèjì, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, dẹ́rẹ́bà na ìka kan sókè, ó ń pariwo pé: “Ẹnì kan péré ló kù, a ti ń lọ!” Nínú ìkejì, oòrùn ti ń wọ̀, àwọn èrò ti sùn lé ara wọn léjìká, dẹ́rẹ́bà ṣì na ìka kan náà: “Ẹnì kan péré ló kù, a ti ń lọ!” Nínú ìkẹta, ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ti hu irùngbọ̀n funfun dé àyà. Ó rọra bèèrè pé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹnì kan yẹn, ṣé wọ́n ti bí i?”

Kò sí ẹni tó ti jókòó rí nínú ọkọ̀ ní gáréèjì Kàbà, tó ń retí kó gbéra kó gba Ọ̀bàjànà lọ sí Lọ́kọ́jà, tí kò ní rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì kékeré ní Káírò náà yóò rẹ́rìn-ín, torí bó ṣe rí níbẹ̀ nìyẹn: ọkọ̀ kì í gbéra àfi tó bá kún. Ìdí nìyí tí mo fi gbà láti ṣe é. Bó bá jẹ́ pé orí ohun tí ará ibẹ̀ kò rí rí ni ẹ̀rín náà dá lé, mi ò bá ti sọ fún un pé kó mú òmíràn wá.

Iṣẹ́ yìí ni màá fi ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo gbà pé ẹ gbọ́ Lárúbáwá díẹ̀, bóyá láti ilé-kéwú, tí ẹ sì lè tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. Róbótó funfun tí a ń kọ ọ̀rọ̀ ẹni sí nínú káàtúùnù, ilé-ọ̀rọ̀ ni màá máa pè é. Ibi ṣóńṣó tó nàka sí ẹnu olùsọ̀rọ̀ ni ìrù rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ wá ibi tí ẹ̀rín wà

Kí ẹ tó ronú kan ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kankan, ẹ mú bírò, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó jẹ́ pé tí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, ẹnikẹ́ni kò ní rẹ́rìn-ín mọ́. Nínú àwòrán wa, “bí” ni. Gbogbo ohun tó ṣáájú rẹ̀ kàn ń sìn wá dé ibẹ̀ ni. Ẹ kíyè sí i pé ìparí gbólóhùn ló wà, níbi tí ojú òǹkàwé yóò bá a gbẹ̀yìn. Ibẹ̀ náà ló gbọ́dọ̀ wà nínú Lárúbáwá, ohun yòówù tí ìyẹn bá gbà wá.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ohun tó gbé ẹ̀rín náà ró. Àtúnwí ni. Dẹ́rẹ́bà sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì láì yí ẹyọ kan padà, bí ẹni pé oòrùn kò rìn rárá. Àwa tí a gba ẹ̀kọ́ kéwú la sábà máa ń ba èyí jẹ́, nítorí a ti kọ́ láti máa wá ọ̀rọ̀ tuntun sí ipò èyí tí a ti lò. Mo ti rí ẹni tó kọ «ينقصنا راكب» sí àwòrán kìn-ín-ní, tó wá kọ «نحتاج إلى مسافر» sí ìkejì. Èrò ọkọ̀ kan ló kù ni méjèèjì ń sọ, kò sì sí àṣìṣe gírámà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ dẹ́rẹ́bà ti yí padà, ó dà bíi pé ó ti ronú lé e lórí láàárín àwòrán méjèèjì, bẹ́ẹ̀ àìronú rẹ̀ gan-an ló pa wá lẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tí a bá fi pe èrò nínú àwòrán kìn-ín-ní ni kó wà nínú ìkejì, òun náà ni kó wà lẹ́nu onírùngbọ̀n nínú ìkẹta.

Ìgbésẹ̀ kejì: ta ni yóò kà á?

Lárúbáwá tí a kọ́ ní ilé-kéwú ni wọ́n ń pè ní fúṣà: èdè ìwé, èdè ìwàásù àti ìròyìn. Kò sí dẹ́rẹ́bà kan ní Káírò tó ń fi fúṣà pe èrò. Èdè ìgboro, ámmíyà, ni wọ́n ń sọ, ti Íjíbítì sì yàtọ̀ sí ti Lẹ́bánónì, ti Lẹ́bánónì yàtọ̀ sí ti Ìráàkì. Ẹ fi wé tiwa: ìyá tó ń ta iṣu ní ọjà Kàbà kì í fi Yorùbá inú ìwé dá oníbàárà lóhùn, Owé ni yóò sọ. Bí ẹ bá fi Yorùbá inú Bíbélì sí i lẹ́nu nínú káàtúùnù, àwọn ará Kàbà yóò rẹ́rìn-ín lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n fi rẹ́rìn-ín nìyẹn.

Ìyàtọ̀ náà lè jinlẹ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Ẹ wo ọ̀rọ̀ «نفر», náfárì. Ní gáréèjì Íjíbítì, ẹyọ èrò kan ni. Òun ni wọ́n fi ń ka orí, òun ni wọ́n fi ń sọ iye tí ẹnì kan yóò san. Ṣùgbọ́n nínú fúṣà, ọ̀wọ́ ènìyàn ni, láti mẹ́ta dé mẹ́wàá. Ọmọ kéwú tó ti ka Sùúrátù Jínnì mọ̀ ọ́n láti ẹsẹ àkọ́kọ́, níbi tí ọ̀wọ́ àlùjọ̀nú kan ti tẹ́tí sí Kùránì. Bí ẹ bá wá kọ “نفر” sẹ́nu dẹ́rẹ́bà, ará Káírò yóò gbọ́ “ẹnì kan”, ọmọ ilé-kéwú ní Lọ́kọ́jà yóò gbọ́ “ọ̀wọ́ ènìyàn”, ìka kan tí dẹ́rẹ́bà nà sókè yóò sì rú u lójú.

Nítorí náà, mi ò gbìyànjú láti fi ọ̀rọ̀ kan tẹ́ gbogbo ayé lọ́rùn. Ẹ̀yà méjì ni mo ṣe: ọ̀kan ní ámmíyà Íjíbítì fún àwọn ọ̀rẹ́ Káírò, ọ̀kan ní fúṣà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kéwú níhìn-ín. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yà kan péré lẹ lè ṣe, tí ẹ kò sì mọ ibi tí yóò dé, fúṣà kúkúrú ni kí ẹ mú, torí pé ẹnikẹ́ni tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Lárúbáwá ń kà á. Kúkúrú ni mo sọ o. Fúṣà tó gùn ló máa ń run ìwàásù. Ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta kò ní àyè láti run ún.

Ẹni tí kò bá tíì gbé láàárín àwọn tó ń sọ ámmíyà kan, kó má dá a kọ. Kó wá ẹni tó ń gbé ibẹ̀, kó bi í pé: “Kí ni dẹ́rẹ́bà yín máa ń sọ tí ọkọ̀ bá ku ẹnì kan?” Ẹ má bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń pe gbólóhùn Yorùbá báyìí, nítorí ìtumọ̀ ni yóò fún yín. Ohun tí a fẹ́ ni ọ̀rọ̀ tó ti wà lẹ́nu wọn tẹ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ariwo dẹ́rẹ́bà àti àyè tó wà

Ẹ ka lẹ́tà tó wà nínú Yorùbá. “Ẹnì kan péré ló kù, a ti ń lọ” jẹ́ lẹ́tà ogún, ilé-ọ̀rọ̀ náà sì gbà á pinpin. Lárúbáwá kì í kọ fáwẹ̀lì kúkúrú, lẹ́tà rẹ̀ sì ń so mọ́ra, nítorí náà ó sábà máa ń fẹ̀ níwọ̀nba. Ṣùgbọ́n ó ga. Ó ní àmì lókè, ó ní àmì nísàlẹ̀, ìrù lẹ́tà rẹ̀ ń wọ abẹ́ ìlà. Nítorí náà, bí a bá jèrè ìbú, a ó pàdánù òró, ilé-ọ̀rọ̀ tó gba ìlà mẹ́rin Yorùbá lè má gba ju ìlà mẹ́ta Lárúbáwá lọ.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn nìyí:

```
لم يبق إلا راكب واحد ثم ننطلق
```

Lẹ́tà mẹ́tàlélógún. Ó gùn ju Yorùbá lọ, àmọ́ gígùn nìkan kọ́ ni wàhálà rẹ̀. Ẹ tún un kà: “Kò ku ẹnikẹ́ni àfi èrò kan.” Ẹni tí kò bá ráyè wo àwòrán dáadáa lè rò pé àwọn tó kù ti sọ̀ kalẹ̀, pé èrò kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù nínú ọkọ̀! Nínú Yorùbá, “ló kù” kì í ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà ní gáréèjì, torí pé a mọ̀ ọ́n mọ́ ẹnu dẹ́rẹ́bà. «بقي» kò ní irú ààbò yẹn.

Mo yí i sí “èrò kan dín wa kù”:

```
ينقصنا راكب!
```

Lẹ́tà mẹ́wàá, kò sì ní ìtumọ̀ méjì. Mo yọ «واحد», “ẹyọ kan”, kúrò pẹ̀lú, nítorí «راكب» fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ẹnì kan, ìka tí dẹ́rẹ́bà nà sókè sì ti sọ ìyókù. Òfin tí mo ń tẹ̀ lé nìyí: ohun tí àwòrán bá ti sọ, kí ilé-ọ̀rọ̀ má tún un sọ. Láti inú ohun tí ojú ń rí ni kí a ti kọ́kọ́ gé ọ̀rọ̀, kí a tó dé orí ohun tí etí ń gbọ́. “A ti ń lọ” bọ́ nínú ẹ̀yà fúṣà yìí. Mo jẹ́ kó lọ, nítorí ẹ̀rín kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Fún Káírò:

```
نفر ونمشي!
```

“Ẹnì kan, a ó sì máa lọ!” Lẹ́tà mẹ́jọ, ohun méjèèjì tí dẹ́rẹ́bà Kàbà sọ sì wà níbẹ̀. Àyè tó ṣẹ́ kù ni mo fi sọ lẹ́tà di ńlá, torí ariwo ni. Lárúbáwá kò ní lẹ́tà ńlá àti kékeré tí a lè fi pariwo. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni kí wọ́n kọ ọ́ nípọn, kí wọ́n sọ ọ́ di ńlá, tàbí kí wọ́n fa fáwẹ̀lì gígùn bí ẹnu ṣe ń fà á: «نمشيييي». Àwọn kan máa ń fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń na lẹ́tà, «نفـــر», rọ́pò èyí. Ìyẹn ń na ojú lẹ́tà lásán, kò na ohùn. Ẹ má sì fa ibi tí fáwẹ̀lì gígùn kò sí: ẹni tó bá kọ «نفاااار» ti dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀. Ẹ̀rín gan-an, ẹ̀rín “háháhá” tí ẹ̀ ń rí lábẹ́ míìmù wọn, lẹ́tà «ه» ni wọ́n ń tò: «ههههه».

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìbéèrè onírùngbọ̀n

Ibí yìí ni mo pẹ́ sí jù. Bí gírámà ìwé ṣe kọ́ wa, ọ̀rọ̀-ìṣe ni kó ṣáájú:

```
هل وُلد هذا الراكب؟
```

“Ṣé wọ́n ti bí èrò yìí?” Ó tọ́, ṣùgbọ́n ó ti pa ẹ̀rín. «وُلد», “wọ́n bí i”, ti jáde ní ọ̀rọ̀ kejì, ọ̀rọ̀ méjì mìíràn sì tún ń fà tẹ̀lé e bí ẹni tó ń ṣàlàyé. Lárúbáwá gbà kí a gbé ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ síwájú, kí a sinmi díẹ̀, kí a tó béèrè:

```
وهذا الراكب…
هل وُلِد؟
```

“Èrò yìí wá… ṣé wọ́n ti bí i?” Ìlà kìn-ín-ní ń mú òǹkàwé dúró, ìkejì ni ẹ̀ṣẹ́. Ní ilé-ọ̀rọ̀, ibi tí a bá gé ìlà náà ni èémí. Ẹ má gé e lẹ́yìn «هل», nítorí òǹkàwé yóò fi “ṣé” sẹ́nu láì rí ohun tí à ń béèrè. A kì í sì í gé ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan sí méjì ní ìparí ìlà rárá. Bí ọ̀rọ̀ kan kò bá wọ̀, odindi ni kó sọ̀ kalẹ̀.

Àmì kékeré tó wà lórí wáwù, èyí tó sọ ọ́ di “wu”, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Bó bá bọ́, ohun tó kù ni «هل ولد؟», ohun tí ojú gbogbo ènìyàn sì máa kọ́kọ́ rí ni “wáládì”, ọmọkùnrin. “Ṣé ọmọkùnrin ni?” Nínú káàtúùnù a kì í fi àmì fáwẹ̀lì sí gbogbo lẹ́tà, nítorí ó ń sọ ọ̀rọ̀ di ìwé ọmọdé, ó sì ń fẹ́ kí ìlà jìnnà síra. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti lè di òmíràn nìkan la ń fi í sí, tí a ó sì fi í síbẹ̀ dandan.

Ẹ̀yà Íjíbítì kò ní ìṣòro yìí, torí pé “wọ́n bí i” lẹ́nu wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ tí kò jọ ọmọkùnrin:

```
يا أسطى
النفر ده اتولد
ولا لسه؟
```

“Ọ̀gá dẹ́rẹ́bà, ẹnì kan yìí, ṣé wọ́n ti bí i àbí ó dìgbà?” Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn, «لسه», “kò tíì”, tún dùn ju ohun tí a ní ní Yorùbá lọ, nítorí òun gan-an ni èrò tó ti rẹ̀ máa ń sọ. Ìlà àárín ló gùn jù, ó sì bá àárín róbótó tó fẹ̀ jù mu. Àyè ló fún wa ní èyí, a kò wá a.

Ẹ wo bí mo ṣe pe dẹ́rẹ́bà. Ọmọ Kàbà náà kọ “Ẹ̀gbọ́n”, kò sì lè kọ ohun mìíràn: ẹni tó hu irùngbọ̀n funfun nínú ọkọ̀ ènìyàn ṣì ń bọ̀wọ̀ fún un, ìyẹn sì wà lára adùn rẹ̀. Bí a bá kọ «أخي الأكبر», “ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin”, wọ́n yóò rò pé ọmọ ìyá kan ni wọ́n. «أيها السائق» dà bí ẹni tó dúró lórí mínbárì. Ní Íjíbítì, «أسطى» ni wọ́n fi ń pe oníṣẹ́ ọwọ́ àti dẹ́rẹ́bà, ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, ìfaramọ́ra sì wà níbẹ̀. Ní ibòmíràn, «يا عم», “bàbá”, “ẹ̀gbọ́n bàbá”, yóò ṣe é. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni, nítorí náà bí àyè bá wà nínú ẹ̀yà fúṣà, òun ni kí ẹ fi síwájú.

Irú ẹ̀ náà ni ìkíni wa. Bí èrò bá wọ ọkọ̀ tó sọ pé “Òkun o”, ẹ má wá ìtumọ̀ rẹ̀ lọ sínú ìwé. Ẹ bi ara yín pé kí ni Lárúbáwá ń sọ fún ẹni tó bá lẹ́nu iṣẹ́. Ní Síríà àti Lẹ́bánónì, «يعطيك العافية» ni, kí Ọlọ́run fún ọ ní àlàáfíà ara. Ó sún mọ́ ìkíni ilẹ̀ Òkun ju «مرحبا» lọ dáadáa.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àwòrán náà gbọ́dọ̀ yí ojú padà, àmọ́ ẹ má fi dígí yí i

Láti ọwọ́ ọ̀tún ni òǹkàwé Lárúbáwá ti ń bẹ̀rẹ̀, nínú ọ̀rọ̀ àti nínú àwòrán. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti mọ́ wọn lára: ìwé ìròyìn àwọn ọmọdé bíi Samir ti Íjíbítì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1956, àti Majid ti Abu Dhabi, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1979, láti ọ̀tún ni wọ́n ti ń ṣí. Bí àwòrán mẹ́ta bá tò láti òsì sí ọ̀tún bí a ṣe ń tò ó, irùngbọ̀n funfun ni wọn yóò kọ́kọ́ rí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni kí wọ́n yí gbogbo àwòrán padà bí ìgbà tí a wo dígí. Mo gba olùyàwòrán wa nímọ̀ràn pé kó má ṣe é. Ọ̀rọ̀ “LOKOJA” tó kọ sí ara bọ́ọ̀sì yóò dojú dé. Láti 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni a ti ń gba apá ọ̀tún títì ní Nàìjíríà, tí ibi ìjókòó dẹ́rẹ́bà sì wà lápá òsì ọkọ̀; dígí yóò gbé e lọ sápá ọ̀tún. Èyí tó tún burú jù ni pé àgbérò tó ń na ọwọ́ ọ̀tún gba owó yóò máa fi ọwọ́ òsì gbà á. Nílé wa níhìn-ín, ìwọ̀sí nìyẹn, ní ilẹ̀ Lárúbáwá pẹ̀lú.

Ọ̀nà tó rọrùn jù fún ohun tí a ó wò lórí fóònù ni kí a gé àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀, kí a tò wọ́n láti òkè sísàlẹ̀. Òkè kò ní ọ̀tún, kò ní òsì. Bó bá sì jẹ́ dandan kí wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ gbé àwòrán kìn-ín-ní sí ọ̀tún pátápátá, láì yí inú rẹ̀.

Inú àwòrán kọ̀ọ̀kan ló kù. Tí ẹni méjì bá ń sọ̀rọ̀, tí ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ sì wà lápá òsì, Lárúbáwá yóò ka ìdáhùn ṣáájú ìbéèrè. Ẹ má gbé ènìyàn náà, ilé-ọ̀rọ̀ ni kí ẹ gbé. Ojú ń tẹ̀ lé òkè kó tó tẹ̀ lé ọ̀tún, nítorí náà ẹ gbé èyí àkọ́kọ́ sókè dáadáa, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ga ju orí èkejì lọ, kí ẹ wá fa ìrù rẹ̀ gùn dé ẹnu ẹni tó ni í. Kí ìrù méjì má kọjá lórí ara wọn. Bí ìyàtọ̀ gíga náà bá kéré, kò ní ṣiṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: kíkọ ọ́ sórí àwòrán

Ẹ kọ́kọ́ tẹ ọ̀rọ̀ náà síbi tí fóònù ti ń kọ Lárúbáwá dáadáa, kí ẹ tó gbé e sínú ohun tí ẹ fi ń ṣe àwòrán. Àwọn ohun èlò kan kò mọ bí a ti ń so lẹ́tà pọ̀, wọn a sì tò wọ́n láti òsì. Ìlà àkọ́kọ́ yìí ni ẹ ó rí bó bá ti bàjẹ́, ìkejì ni bó ṣe yẹ kó rí:

```
ي ش م ن و
ونمشي
```

Ẹni tí kò gbọ́ Lárúbáwá kò ní mọ̀ pé ó bàjẹ́, òun ló fi ń jáde bẹ́ẹ̀ sórí pátákó àti àsíá. `GIMP` àti `Inkscape` ń so ó dáadáa. Nínú `Photoshop`, ẹ wá `World-Ready Layout` níbi ètò ìpínrọ̀, kí ẹ yàn án. Bí ẹ bá rí i pé àmì ìyanu (!) fò lọ sí ọ̀tún, síbi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ìtọ́ka àpótí náà ni kò tíì yí sí ọ̀tún. Ẹ yí i, tàbí kí ẹ fi àmì àìrí `U+200F` tẹ̀lé e. Àmì ìbéèrè tiwọn sì ni «؟», kọ́mà wọn ni «،».

Irú lẹ́tà náà ní ohùn. `Amiri` lẹ́wà púpọ̀, mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìwé àdúrà, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ dẹ́rẹ́bà. Mo lo `Baloo Bhaijaan 2`, tó nípọn tó sì rí róbótó, fún ọ̀rọ̀ ẹnu. Fún ariwo, `Lalezar`. Ẹ má da lẹ́tà dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti fi tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀, kò sí nínú àṣà ìkọ̀wé wọn. Mo máa ń kọ Lárúbáwá tóbi ju Yorùbá lọ ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún, torí pé àmì tó-tò-tó tó wà lórí lẹ́tà ni ìyàtọ̀ láàárín «ن» àti «ت», «ف» àti «ق». Bí ojú kò bá rí wọn lórí fóònù kékeré, a ti pàdánù ọ̀rọ̀ náà.

Bó bá jẹ́ míìmù

Míìmù rọrùn ní ti àyè, ó le ní ti ẹ̀rín, nítorí kò sí ìtàn tó gbé e ró. Ẹ mú èyí tí gbogbo wa mọ̀: àwòrán ọmọdé tó fò sókè, tí wọ́n kọ “Iná ti dé!” sí lórí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ọ́ ní «جاءت النار». Iná tó ń jó ni «النار», orúkọ iná ọ̀run sì ni pẹ̀lú. Ọmọdé ń fò fáyọ̀, ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ sì ń kéde ọ̀run àpáàdì!

Ẹ wá ohun tí àwọn náà ń pariwo. Ní Íjíbítì, «النور جه!», ìmọ́lẹ̀ ti dé. Ní Lẹ́bánónì àti Síríà, «إجت الكهربا!», iná mànàmáná ti dé. Ní Ìráàkì, «إجت الوطنية!», ti ìjọba ti dé, torí pé iná ìjọba àti ti jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ni wọ́n ń pín lò. Igbe wọn nìyẹn, kò nílò àlàyé. Àmọ́ ẹni tí iná kì í lọ ní ìlú rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ará ìlú ńlá Saudi, yóò wò ó lásán, kò sí ìtumọ̀ tó lè mú un rẹ́rìn-ín. Míìmù tó bá sì dúró lórí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ nìkan, bíi ti ọkọ̀ àti ọkọ, ẹ fi sílẹ̀ ní Yorùbá.

Ohun kan tí mo ń tọ́jú gidigidi: mi ò ń yá gbólóhùn Kùránì fi ṣe ẹ̀rín, bó ti wù kó bọ́ sí ojú ihò tó. Ìgbe ojoojúmọ́ bíi «يا رب» kò burú.

Kí ẹ tó fi sóde

Ẹ fi í han ẹni méjì tí kò mọ ẹ̀dà Yorùbá. Ẹ má sọ̀rọ̀. Ojú wọn ni kí ẹ wò. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín ní àwòrán kejì ti rí ìparí ṣáájú, ẹ tún ètò àwòrán wò. Ẹni tó bá padà sí òkè láti tún un kà, ilé-ọ̀rọ̀ méjì ló ṣì í lọ́nà. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó kà.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ló gbà mí. Áfáà kan ní Lọ́kọ́jà ka ẹ̀yà fúṣà, ó rẹ́rìn-ín, inú mi dùn. Nígbà tí mo ní kó sọ ohun tí onírùngbọ̀n sọ, ó ní: “Ó ń béèrè bóyá ọmọkùnrin ni èrò tó kù, àbí obìnrin ni wọ́n ń dúró dè.” Mo wo fóònù rẹ̀. Wasáàpù ti tẹ àwòrán náà pọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àmì orí wáwù sì ti di ẹyọ èérí kan. Mo sọ ìlà «هل وُلِد؟» di ńlá, mo gbé àmì náà sókè díẹ̀ kó má fara kan lẹ́tà, mo sì fi àwòrán náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì gẹ́gẹ́ bíi fáìlì, kí Wasáàpù má lè tẹ̀ ẹ́ mọ́.